Ṣé O Mọ̀? Orúkọ Tí CAC Fọwọ́ Sí Ṣì Lè Jẹ́ Ti Ẹlòmíràn

Ìròlú kò dá wà. Ìkẹ́nnẹ́, Ìpẹru, Ìlíṣàn àti Ògèrè ni wọ́n jọ wà ní ìjọba ìbílẹ̀ kan náà, Ṣàgámù kò sì jìnnà. Gàrí tí wọ́n bá dì sínú náílọ̀n ní Ìròlú láàárọ̀ lè wà lórí àtẹ ní Ìjẹ̀bú-Òde tàbí l'Ékòó kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú. Ibẹ̀ ni orúkọ tí a kọ sára náílọ̀n náà ti máa pàdé orúkọ àwọn tó ti wà níbẹ̀ ṣáájú. Àwọn àgbà ní ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Ní ti ọjà, ilé tó yẹ kí a wò ju ẹyọ kan lọ.

Ṣé o mọ̀ pé ìwé-ẹ̀rí CAC kò sọ ẹ́ di ẹni tó ni orúkọ ọjà rẹ?

CAC ni àjọ tí ń forúkọ ilé-iṣẹ́ àti ti okòwò sílẹ̀ ní Nàìjíríà. Ohun tí ìwé rẹ̀ ń sọ ni pé ìjọba mọ̀ pé o wà, o sì ń ṣòwò lábẹ́ orúkọ báyìí. Orúkọ tí a fi ń dá ọjà mọ̀, èyí tí àwọn oníṣòwò ń pè ní tirédímáàkì, wà nínú ìwé mìíràn, lọ́wọ́ àwọn òṣìṣẹ́ mìíràn. Ilé àkọsílẹ̀ àmì-ọjà ló ń tọ́jú ìyẹn, ní Àbújá, lábẹ́ iléeṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí iṣẹ́ ilé-iṣẹ́ àti òwò. Òfin tí wọ́n ń lò níbẹ̀ ti wà láti ọdún 1965.

Òfin ilé-iṣẹ́ ti ọdún 2020 fún CAC láṣẹ láti kọ orúkọ tó bá tẹ àmì-ọjà ẹlòmíràn lójú, àfi bí ẹni tó ni àmì náà bá fọwọ́ sí i. Ṣùgbọ́n bí CAC kò bá rí i, tó sì fún ọ ní ìwé, ẹ̀tọ́ ẹni yẹn kò parẹ́. Ó ṣì lè gbé ọ lọ sílé-ẹjọ́, kò sì ní ṣeé ṣe fún ọ láti fi ìwé CAC dá a lóhùn pé o ti gba àṣẹ.

Ṣé o mọ̀ pé ọgọ́ta ọjọ́ wà tí o lè fi ṣe ìwádìí láìjẹ́ pé ẹlòmíràn gba orúkọ náà mọ́ ọ lọ́wọ́?

Bí CAC bá gbà pé orúkọ tí o mú wá ṣeé lò, òfin jẹ́ kí wọ́n fi pa mọ́ fún ọ fún 60 ọjọ́. Láàárín àsìkò yìí, wọn kò ní fi orúkọ náà fún ẹlòmíràn. Ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń rí ìfọwọ́sí yìí lórí fóònù wọn, wọ́n á sì pe ẹni tí ń ṣe pátákó orúkọ lọ́jọ́ náà gan-an. Àwọn ọjọ́ yìí ló yẹ kí o fi ṣe ìwádìí tó kù. Bí o bá rí wàhálà lásìkò yìí, owó ìfipamọ́ nìkan ni yóò lọ. Kò tíì sí pátákó, kò tíì sí náílọ̀n, kò sì tíì sí oníbàárà tó ti mọ̀ ọ́ mọ orúkọ náà.

Ṣé o mọ̀ pé orúkọ méjì tó jọra ló dá ọ̀kan nínú àwọn ẹjọ́ orúkọ òwò tí àwọn lọ́yà wa ń tọ́ka sí jù lọ sílẹ̀?

Ọdún 1961 ni, ní Oníṣà. Ilé ìtajà oògùn kan wà tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Niger Chemists, ó sì ní ẹ̀ka láwọn ìlú mìíràn ní ìlà-oòrùn Nàìjíríà. Àwọn mìíràn wá ṣí ilé oògùn tiwọn ní òpópónà kan náà, wọ́n sì pe tiwọn ní Nigeria Chemists. Àwọn àkọ́kọ́ gbé wọn lọ sílé-ẹjọ́.

Adájọ́ kò wá ìdí rẹ̀ lọ jìnnà. Bí ilé méjì bá ń ta irú ọjà kan náà, ní ìlú kan náà, ní òpópónà kan náà, tí ọ̀kan ń jẹ́ Niger tí èkejì ń jẹ́ Nigeria, kò sí bí àwọn èèyàn ò ṣe ní ṣi ọ̀kan mú fún èkejì. Ó pàṣẹ kí àwọn tó dé lẹ́yìn yé lo orúkọ náà.

Kíyè sí i pé ẹjọ́ yìí kò dá lórí pé wọ́n ti fi orúkọ náà sílẹ̀ ní ilé àkọsílẹ̀ àmì-ọjà. Orúkọ tí ẹnìkan ti fi iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ gbé ga lójú àwọn oníbàárà ní ààbò tirẹ̀ lábẹ́ òfin. Ẹni tó bá gbé ọjà tirẹ̀ jáde bíi pé ti ẹni náà ni, ilé-ẹjọ́ lè dá a dúró.

Ṣé o mọ̀ pé etí ni wọ́n fi ń yẹ orúkọ wò, kì í ṣe ojú nìkan?

Gbogbo wa la mọ Lucozade. Ilé-iṣẹ́ kan gbé ohun mímu tirẹ̀ jáde, ó pè é ní Glucos-Aid. Kọ méjèèjì sílẹ̀, lẹ́tà tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ yàtọ̀, ọ̀kan sì ní àmì ìdè láàárín. Wàyí o, pè wọ́n jáde kíákíá bí ẹni tó ń rajà lójú ọ̀nà ṣe máa pè é. Ẹjọ́ náà dé Ilé-ẹjọ́ Kòtẹ́milọ́rùn ní ọdún 1985, ilé-ẹjọ́ sì gbà pé àwọn méjèèjì jọra débi tí wọ́n lè da oníbàárà láàmú.

Fún wa, ọ̀rọ̀ yìí tún lágbára sí i, nítorí pé ẹnu ni a fi ń ra ọ̀pọ̀ ọjà. Ẹni tó dúró níwájú ṣọ́ọ̀bù ní Sábó Ṣàgámù kì í ka orúkọ ara páálí kó tó béèrè, ó máa ń pè é ni. Nítorí náà, kí o tó wá orúkọ rẹ kiri nínú ìwé èyíkéyìí, pè é sókè. Sọ fún ọmọdé kan pé kó lọ rà á wá. Fi fóònù pe ẹnìkan, dá orúkọ náà fún un lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kí o sì ní kó kọ ohun tó gbọ́ sílẹ̀. Ohun tó bá kọ ni orúkọ kejì tí o gbọ́dọ̀ wá.

Ṣé o mọ̀ pé wọn kì í gbé orúkọ méjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn kí wọ́n tó dá ẹjọ́?

Bí o bá gbé méjèèjì sórí tábìlì, ìyàtọ̀ wọn yóò hàn gbangba. Ṣùgbọ́n oníbàárà kì í ní méjèèjì lọ́wọ́. Ó rí ọ̀kan lọ́sẹ̀ tó kọjá, kò rántí rẹ̀ tán, ó wá rí èkejì lónìí. Ìrántí tí kò pé yẹn ni ilé-ẹjọ́ ń fi wọn ọ̀rọ̀ náà. Láti ìgbà ẹjọ́ kan tí wọ́n dá ní ìlú òyìnbó ní ọdún 1906 ni àwọn adájọ́ ti ń wo ohun mẹ́rin pọ̀: bí àwọn orúkọ náà ṣe rí lójú, bí wọ́n ṣe dún létí, irú ọjà tí wọ́n wà lára rẹ̀, àti irú ẹni tó máa ń ra ọjà náà.

Èyí tó kẹ́yìn yẹn ṣe pàtàkì. Ẹni tó fẹ́ ra ẹ̀rọ tí owó rẹ̀ tó mílíọ̀nù máa ń fara balẹ̀ ka orúkọ. Ẹni tó ń ra omi inú náílọ̀n tàbí bisikíìtì kì í wo orúkọ lẹ́ẹ̀mejì. Bí ọjà rẹ bá ṣe pọ́ọ́kú tó, bẹ́ẹ̀ ni orúkọ rẹ gbọ́dọ̀ jìnnà tó sí ti ẹlòmíràn.

Ṣé o mọ̀ pé orúkọ kan náà lè jẹ́ ti ẹni méjì láìsí ìjà?

Wọ́n pín gbogbo ọjà àti iṣẹ́ ayé sí kíláàsì 45. Mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n jẹ́ ti ọjà, mọ́kànlá tó kù jẹ́ ti iṣẹ́ tí a ń ṣe fúnni. Ìpínsọ́wọ̀ọ́ yìí kan náà ni àwọn orílẹ̀-èdè káàkiri ayé ń lò. Nígbà tí o bá forúkọ sílẹ̀, kíláàsì tí o mú ni ẹ̀tọ́ rẹ wà. Ẹni tó ní orúkọ kan lára táyà mọ́tò kò lè fi ìyẹn nìkan dá ẹni tó fẹ́ lò ó lára gàrí dúró.

Ohun tí ó ń da ọ̀pọ̀ rú ni pé ọjà tí a máa ń tà pọ̀ lórí àtẹ kan lè wà ní kíláàsì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Gàrí, ìyẹ̀fun, búrẹ́dì àti ìrẹsì wà ní kíláàsì 30. Epo pupa tí a ń jẹ àti wàrà wà ní 29. Obì tútù, èyí tí Rẹ́mọ ti ń tà láti ọjọ́ pípẹ́, wà ní 31. Omi àti ohun mímu tí kò ní ọtí wà ní 32. Ṣọ́ọ̀bù gan-an gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ títa ọjà wà ní 35, búkà àti ilé oúnjẹ sì wà ní 43. Nítorí náà, ẹni tó ní kí wọ́n bá òun wo kíláàsì 30 nìkan kò tíì wo àwọn aládùúgbò rẹ̀. Bí orúkọ rẹ bá wà lára epo pupa ẹlòmíràn, àwọn tí ń ra gàrí rẹ lè rò pé ilé-iṣẹ́ kan náà ló ṣe méjèèjì.

Ṣé o mọ̀ pé orúkọ Yorùbá kan lè fara pa mọ́ sí ọ̀nà márùn-ún nínú ìwé ìjọba?

Ká mú àpẹẹrẹ kan. Ẹnìkan ní Ìròlú fẹ́ máa di gàrí, ó sì fẹ́ pè é ní Ìgbádùn. Àpẹẹrẹ lásán ni o, mi ò sọ ti ilé-iṣẹ́ ẹnikẹ́ni.

Ohun àkọ́kọ́ ni kó bọ́ àmì ohùn kúrò, nítorí pé lẹ́tà òyìnbó lásán ni wọ́n fi ń kọ ọ̀pọ̀ orúkọ sínú ìwé wọ̀nyí. Yóò wá IGBADUN. Lẹ́yìn náà, yóò wá a bí wọ́n bá já a sí méjì, IGBA DUN. Yóò wá GBADUN, torí pé bẹ́ẹ̀ ni àwọn ọ̀dọ́ ń pè é. Yóò wá a bí ẹni tó fẹ́ ṣe fáàrí ṣe lè kọ ọ́, bóyá IGBADOON. Lẹ́yìn èyí ni yóò wá ìtumọ̀ rẹ̀, ENJOY àti ohun tó bá fara jọ ọ́, nítorí pé èrò tí orúkọ gbìn sí èèyàn lọ́kàn wà lára ohun tí a fi ń mọ̀ bóyá méjì jọra.

Bí orúkọ tirẹ bá ní Ṣ, wá a pẹ̀lú S, kí o sì tún wá a pẹ̀lú SH: Osun àti Oshun kì í ṣe ohun kan náà lójú ẹ̀rọ. Má sì jẹ́ kí àwọn ìrù ẹ̀yìn orúkọ tàn ọ́ jẹ. Foods, Ventures, Global àti and Sons kò sọ orúkọ kan di ọ̀tọ̀. Gé wọn kúrò, kí o wo ọ̀rọ̀ tó kù. Òun ni oníbàárà máa rántí.

Ṣé o mọ̀ pé èsì ìwádìí kì í sábà jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́ lásán?

Ojú ìwé CAC wà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì tí ẹnikẹ́ni lè fi wo orúkọ òwò láìsan owó. Ní ti àmì-ọjà, aṣojú tí ilé àkọsílẹ̀ fọwọ́ sí, tó sábà máa ń jẹ́ lọ́yà, ni yóò bá ọ béèrè. Kò pọn dandan kí o rin ìrìn-àjò dé Àbújá. Sọ orúkọ náà fún un, àti gbogbo ọ̀nà tí o rí pé a lè gbà kọ ọ́, àti gbogbo kíláàsì tó kàn ọ́. Ní kó kọ èsì sílẹ̀ fún ọ, kó sì fi déètì sí i.

Ká padà sórí Ìgbádùn wa. Bí èsì bá fi hàn pé ẹnìkan ti ní Gbadun ní kíláàsì 30, fi orúkọ náà sílẹ̀. Má gbìyànjú láti fi lẹ́tà kan kún un. Bí ó bá jẹ́ kíláàsì 12 ló wà, lára kẹ̀kẹ́ àti mọ́tò, ó ṣeé ṣe kí o lè máa bá tìẹ lọ. Bí ó bá jẹ́ kíláàsì 43, lára ilé oúnjẹ, ìgbà yẹn ni kí o san owó ìmọ̀ràn fún lọ́yà, nítorí pé oúnjẹ ni ẹ jọ ń tà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kíláàsì yàtọ̀. O tún lè kọ̀wé sí ẹni tó ni í kó fún ọ ní ìwé ìyọ̀ǹda. Ṣùgbọ́n kí ìwé yẹn wà lọ́wọ́ rẹ kí o tó tẹ ohunkóhun jáde.

Ṣé o mọ̀ pé orúkọ tí o kò rí lórí àtẹ mọ́ lè ṣì wà láàyè nínú ìwé?

Ọdún méje ni ìforúkọsílẹ̀ àkọ́kọ́ máa ń lò ní Nàìjíríà. Lẹ́yìn náà, ẹni tó ni í lè sọ ọ́ dọ̀tun fún ọdún 14, kó tún sọ ọ́ dọ̀tun fún 14 mìíràn, bẹ́ẹ̀ ni yóò máa lọ. Nítorí náà, bisikíìtì tí o jẹ nílé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, tí o kò rí mọ́ láti ìgbà yẹn, orúkọ rẹ̀ lè ṣì ní ẹni tó ni í.

Lóòótọ́, òfin sọ pé bí ẹni tó ni í kò bá lò ó fún ọdún márùn-ún léraléra, a lè béèrè pé kí wọ́n yọ ọ́ kúrò nínú ìwé. Ṣùgbọ́n ó ní láti jẹ́ pé ẹnìkan béèrè, kí wọ́n gbọ́ ẹjọ́ náà, kí wọ́n sì yọ ọ́. Kì í yọ fúnra rẹ̀. Bí o bá rí orúkọ tó dà bíi pé ó ti kú, béèrè déètì ìforúkọsílẹ̀ rẹ̀ àti bóyá wọ́n ti sọ ọ́ dọ̀tun.

Ṣé o mọ̀ pé ìwádìí tó mọ́ tónítóní lè ṣì fi aládùúgbò rẹ sílẹ̀ láìrí?

Ilé àkọsílẹ̀ kò mọ̀ ju àwọn tó wá síbẹ̀ lọ. Màmá tó ti ń ta gàrí olórúkọ fún ogún ọdún ní Ìlíṣàn, tí kò forúkọ sílẹ̀ níbì kankan, kò sí nínú ìwé Àbújá. Síbẹ̀, bí àwọn ará Niger Chemists ṣe ṣe ní 1961, òun náà lè dá ọ dúró bí o bá lo orúkọ tó ti fi òógùn rẹ̀ kọ́. Òfin tún sọ pé bí o bá tiẹ̀ forúkọ náà sílẹ̀, o kò lè fi dí ẹni tó ti ń lò ó láìdáwọ́ dúró kí ìwọ tó bẹ̀rẹ̀ lọ́wọ́.

Ẹsẹ̀ ni a fi ń wá irú èyí. Lọ sí ọjà tí ọjà tìrẹ máa dé: Ṣàgámù, Ìkẹ́nnẹ́, Ìjẹ̀bú-Òde. Bí o bá ń wo Èkó, lọ sí Òkè-Arin, níbi tí àwọn tí ń ta ọjà inú páálí lódidi ti pọ̀. Béèrè ọjà náà ní orúkọ tí o fẹ́ fún un, bíi pé o wá rà á. Bí ẹnìkan bá nawọ́ mú nǹkan kan fún ọ, èsì rẹ nìyẹn. Ya fọ́tò ara rẹ̀, kí o sì fi han lọ́yà rẹ.

Ṣé o mọ̀ pé orúkọ tí kò bá ti ẹnikẹ́ni jà lè jẹ́ orúkọ tí kò lè di tìrẹ?

Gàrí Ìròlú. Orúkọ yẹn dára létí, ó sì ṣeé ṣe kí o má rí ẹni tó máa bá ọ jà lórí rẹ̀. Ìdí rẹ̀ ni pé gàrí ni orúkọ ọjà náà fúnra rẹ̀, Ìròlú sì ni orúkọ ìlú. Òfin kì í fẹ́ kí ẹnìkan ṣoṣo gba orúkọ ìlú tàbí ọ̀rọ̀ tó kàn ń ṣàpèjúwe ọjà mọ́ gbogbo èèyàn lọ́wọ́. Nítorí náà, kò ní rọrùn kí wọ́n tó forúkọ náà sílẹ̀ fún ọ. Lọ́jọ́ tí aládùúgbò rẹ náà bá sì bẹ̀rẹ̀ sí í di Gàrí Ìròlú, agbára tí o ní láti dá a dúró kéré.

Bákan náà ni orúkọ ìdílé rí. Òfin gbà kí èèyàn máa fi òtítọ́ inú lo orúkọ ara rẹ̀, bí ẹlòmíràn bá tiẹ̀ ní irú rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí àmì-ọjà. Ṣùgbọ́n orúkọ tí bàbá rẹ sọ ọ́ nìyẹn. Èyí tí o ṣẹ̀ṣẹ̀ hun fún òwò kò sí lábẹ́ ààbò náà. Orúkọ tó lágbára jù ni èyí tí kò sọ ohun tó wà nínú náílọ̀n, tí kò sì sọ ibi tó ti wá, ṣùgbọ́n tó rọrùn láti pè.

Ṣé o mọ̀ pé ìdí wà láti yẹ àwọ̀ páálí rẹ wò pẹ̀lú?

Ilé-iṣẹ́ Ferodo, tí ń ṣe ohun ìdádúró mọ́tò, gbé Ibeto lọ sílé-ẹjọ́. Ẹ̀sùn wọn ni pé páálí Ibeto, tí wọ́n kọ Union Supreme sí, lo àwọ̀ tó jọ tiwọn, pupa, dúdú àti funfun. Ẹjọ́ náà dé Ilé-ẹjọ́ Gíga Jùlọ, wọ́n sì dá a ní ọdún 2004. Ferodo pàdánù. Ohun tí wọ́n forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ ni ilé-ẹjọ́ wò, ó sì rí i pé kókó rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà Ferodo. Ẹni tó rí Union Supreme kò lè kà á sí Ferodo.

Má ṣe tìtorí ẹjọ́ yẹn lọ sọ fún ẹni tí ń ya àwòrán náílọ̀n rẹ pé kó wo ti ilé-iṣẹ́ ńlá kan kó ṣe bẹ́ẹ̀. Òfin mìíràn, ti ọdún 2022, fẹ àmì-ọjà lójú ní Nàìjíríà. Ó ti ń kan bí ọjà ṣe rí, bí wọ́n ṣe dì í, àti àkójọpọ̀ àwọ̀ ara rẹ̀. Ohun tí Ferodo kò fi sílẹ̀ lórúkọ nígbà náà, ilé-iṣẹ́ mìíràn lè ti fi tirẹ̀ sílẹ̀ lónìí. Béèrè nípa àwòrán àti àwọ̀ náà nígbà tí o bá ń béèrè nípa orúkọ.

Ṣé o mọ̀ pé NAFDAC náà máa béèrè ìwé àmì-ọjà lọ́wọ́ rẹ?

Oúnjẹ tí a dì, ohun mímu, ọṣẹ àti ìpara kò lè dé ojú ọjà láìkọjá lọ́dọ̀ NAFDAC. Lára ohun tí wọ́n ń béèrè fún ìforúkọsílẹ̀ ọjà ni ẹ̀rí pé a ti mú orúkọ ọjà náà lọ sí ilé àkọsílẹ̀ àmì-ọjà, ní orúkọ ẹni tó ni í. Wọ́n tún máa ń yẹ ohun tí a kọ sára náílọ̀n wò. Ẹni tó ti tẹ náílọ̀n jáde kó tó dé ọ̀dọ̀ wọn lè padà wálé pẹ̀lú ẹrù tí kò ní lè lò, bí orúkọ náà kò bá kọjá.

Ṣé o mọ̀ pé ìwé ìtẹ́wọ́gbà kì í ṣe ìwé-ẹ̀rí ìforúkọsílẹ̀?

Lẹ́yìn tí o bá ti mú orúkọ lọ, ìwé àkọ́kọ́ tó máa dé ọwọ́ rẹ ń sọ pé wọ́n ti gba ìwé rẹ. Èkejì ń sọ pé wọ́n ti yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n sì tẹ́wọ́ gbà á. Ọ̀pọ̀ máa ń yọ̀ níbí, wọ́n á ní ó parí. Kò tíì parí. Wọn yóò tẹ orúkọ náà sínú ìwé ìròyìn ilé àkọsílẹ̀, ẹnikẹ́ni tó bá sì rí i pé ó kan òun ní oṣù méjì láti fi ẹ̀hónú hàn. Ìgbà tí kò bá sí ẹ̀hónú, tàbí tí wọ́n bá yanjú rẹ̀, ni ìwé-ẹ̀rí tó jáde. Ó dára pé ẹ̀tọ́ rẹ máa ń padà sẹ́yìn dé ọjọ́ tí o kọ́kọ́ mú ìwé lọ.

Nítorí náà, má jẹ́ kí atẹ̀wé fi àmì ® sẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ rẹ kí ìwé-ẹ̀rí tó dé. Ẹ̀ṣẹ̀ lábẹ́ òfin ni láti sọ pé a ti forúkọ sílẹ̀ nígbà tí a kò tíì ṣe bẹ́ẹ̀. Àmì ™ kò ní ìṣòro yẹn.

Ṣé o mọ̀ pé ìwé Àbújá kò dé Kùtọnù?

Bí ọjà rẹ bá máa kọjá ní Sẹ̀mẹ̀, ìwádìí mìíràn ni. Bẹ̀nẹ̀ àti Tógò wà nínú OAPI, àjọ kan tí orílẹ̀-èdè 17 jọ ń lò, tí olú ilé-iṣẹ́ rẹ̀ wà ní Yàúndé ní Kamẹrúùnù. Ìforúkọsílẹ̀ kan níbẹ̀ kan gbogbo wọn, Nàìjíríà kò sì sí lára wọn. Orúkọ tó jẹ́ tìrẹ ní Ìròlú lè ti jẹ́ ti ẹlòmíràn láti Kùtọnù dé Dákà.

Ṣé o mọ̀ ohun tó yẹ kó wà lọ́wọ́ rẹ kí o tó sọ fún atẹ̀wé pé kó máa bá a lọ?

Náílọ̀n tí wọ́n fi àwọ̀ aláràbarà tẹ̀ kì í jáde lásán. Ní ilé-iṣẹ́ ńlá, wọ́n ní láti gbẹ́ sílíńdà irin kan fún àwọ̀ kọ̀ọ̀kan, wọn kì í sì í tẹ díẹ̀. Bí orúkọ bá yí padà, sílíńdà tí orúkọ náà wà lára rẹ̀ kò wúlò mọ́, àwọn náílọ̀n tó kù sì di ẹrù inú yàrá. Bí ọ̀ràn bá dé ilé-ẹjọ́, ó tún ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ilé-ẹjọ́ Gíga Ìjọba Àpapọ̀ ló ń gbọ́ ẹjọ́ àmì-ọjà. Ó lè pàṣẹ kí o dáwọ́ dúró, kí o kó àwọn ohun tí orúkọ náà wà lára wọn jọ kí wọ́n bà wọ́n jẹ́, kí o sì san èrè tí o ti jẹ tàbí owó gbà-má-bínú fún ẹni tó ni orúkọ.

Nítorí náà, tò ó báyìí. Ní kí CAC fi orúkọ pa mọ́ fún ọ. Láàárín 60 ọjọ́ yẹn, pè é sókè, wá gbogbo ọ̀nà tí a lè gbà kọ ọ́, kí o sì rin ọjà. Ní kí lọ́yà wo ilé àkọsílẹ̀ ní kíláàsì rẹ àti ní ti àwọn aládùúgbò rẹ̀. Bí ó bá mọ́, forúkọ òwò sílẹ̀, kí o sì mú àmì-ọjà lọ sí Àbújá lọ́jọ́ kan náà bí ó bá ṣeé ṣe. Bí ó bá jẹ́ oúnjẹ tàbí ohun ìpara, mú ìwé yẹn lọ sí NAFDAC. Bí o bá ní láti bẹ̀rẹ̀ sí í tà kí ìwé-ẹ̀rí tó dé, tẹ sítíkà díẹ̀ tí o lè lẹ̀ mọ́ náílọ̀n funfun, kí o sì ṣe pátákó kékeré. Sílíńdà àti pátákó ńlá, dá wọn dúró títí oṣù méjì ẹ̀hónú yóò fi kọjá.